Ìbéèrè wọn dára, àmọ́ ìṣirò wọn kò bára mu: báwo ni kí n ṣe fún wọn ní máàkì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìtọrọ owó ìwádìí wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn kan fẹ́ tẹ̀lé 600 aláboyún láti oṣù kẹrin títí wọ́n á fi bímọ, kí wọ́n lè tètè mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa mú. Mo fẹ́ràn èròńgbà náà. Oṣù 18 ni wọ́n ní. Gbígba àṣẹ máa jẹ oṣù 3, ẹni tí wọ́n bá sì gbà kẹ́yìn máa nílò nǹkan bí oṣù 6 kó tó bímọ. Ó ku oṣù 9. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ ń rí bí 40 aláboyún tuntun lóṣù. Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ gbà, 360 ni.

Jíìpù wá kó ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, “fún ìrìnnà”, bẹ́ẹ̀ àwọn aláboyún ló ń wá sílé ìwòsàn! Owó nọ́ọ̀sì tó máa wá àwọn tí kò padà wá kò sí níbẹ̀.

Ṣé máàkì bí iṣẹ́ ṣe máa ṣeé ṣe nìkan ni kí n gé, àbí ti èròńgbà pẹ̀lú, nígbà tí 360 lè má tó dáhùn ìbéèrè wọn? Ṣé mo sì lè dábàá pé kí wọ́n fi owó jíìpù mú ilé ìwòsàn kejì, àbí ìyẹn ti di pé mò ń bá wọn kọ ìwé wọn?