Oníbàárà kọ iṣẹ́ mi, ó ń gba owó rẹ̀ padà. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ lórí ìkànnì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà gbé ohùn wákàtí mẹ́fà fún mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Bódìjà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Dọ́là 480 ni ìkànnì ń bá wa tọ́jú fún iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, lóru, lẹ́yìn tí mo bá dé láti ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ló kọ̀wé pé ìdọ̀tí ni mo kó fún òun, pé kò sí ìlà kan tó ṣeé kà níbẹ̀. Ó ti parí àdéhùn wa, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Bọ́tìnì méjì ló wà níwájú mi báyìí: kí n gbà, tàbí kí n kọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ti kọ lẹ́tà tí mo fi pè é ní olè, mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Húsítìn:
Ìyá Ìbejì, ẹ má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún oníbàárà láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Tó bá ti pé, owó á bọ́ sápò yín fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáà dákẹ́ ni.

Tíṣà Tòróńtò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bí wọ́n bá dákẹ́, owó ti lọ nìyẹn. Upwork lèmi mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ 14 yẹn wà fún oníbàárà tó gba iṣẹ́ tán tí kò fọhùn. Eléyìí ti fọhùn, ó ti parí àdéhùn, ó ń béèrè owó. Tó bá ti dà báyẹn, àwa òṣìṣẹ́ ni ọjọ́ ń kà fún, ọjọ́ 7 péré. Bí a ò bá fèsì, owó padà sọ́wọ́ oníbàárà. Ìyá Ìbejì, ìkànnì yòówù tí ẹ bá wà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má sì tẹ «gbà» nítorí ìbínú o. Èmi tẹ̀ ẹ́ rí. Oníbàárà kan bú mi títí, mo ní kó máa kó owó rẹ̀ lọ, kí n lè sùn. Nígbà tó di àárọ̀ tí ojú mi wálẹ̀, mo lọ bẹ àwọn oníkànnì. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i, kò sí ẹjọ́ tí àwọn fẹ́ dá mọ́.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Hàà! Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ṣeun, mo rò pé mo ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Alàgbà Pẹ́kàmù:
Ọmọ mi, gbé e lọ sí kóòtù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, gbèsè tí kò bá ju pọ́n-ùn 10,000 lọ, ẹjọ́ kékeré ni wọ́n ń pè é, o ò nílò lọ́yà. Kọ lẹ́tà sí i kó o tó pè é lẹ́jọ́, fún un ní ọjọ́ 14. Bí mo ṣe gba owó mi lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo kun ilé fún nìyẹn.

Tíṣà Tòróńtò:
Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni oníbàárà yìí wà. Kóòtù Mánṣẹ́sítà lè dá Ìyá Ìbejì láre, ta ló máa lọ gba owó náà bọ̀ lọ́hùn-ún? Owó ṣì wà lọ́wọ́ ìkànnì, ibẹ̀ ni ká ti jà á.

Ìyá Ìbejì, kí ni oníbàárà rí tó fi ní ìdọ̀tí ni? Ǹjẹ́ ó fi àwòrán ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Ó fi ránṣẹ́. Fáìlì CSV ni mo fún un, bó ṣe béèrè. Ojú ìwé tó yà kún fún `áº¹` àti àwọn nǹkan rádaràda mìíràn. Mi ò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé mi! Lórí ẹ̀rọ tèmi, gbogbo rẹ̀ dára.

Tíṣà Tòróńtò:
Ẹ kú oríire, àwòrán yẹn gan-an ni ẹ̀rí yín. Ẹ tún un wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo ibi tó yẹ kí lẹ́tà `ẹ` wà, ṣé kì í ṣe `áº¹` ló wà níbẹ̀, láìyẹ̀? Ẹ wá wo ibi tí ìyá kan ti sọ «ata». Ṣé ó mọ́?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Olúwa ò! «Ata» mọ́ tónítóní. «Ara» náà mọ́.

Tíṣà Tòróńtò:
Iṣẹ́ yín ò ní àbùkù. Excel ló ṣí fáìlì náà bíi pé àwọn lẹ́tà Òyìnbó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi UTF-8 pamọ́, ìlànà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè; lẹ́tà `ẹ` kan jẹ́ báìtì mẹ́ta nínú fáìlì, Excel wá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan báìtì náà sí lẹ́tà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àmì mẹ́ta, àwọn mẹ́ta kan náà, nígbà gbogbo. Ẹni tó bá kọ̀wé kọ́bákùngbé, àṣìṣe rẹ̀ kì í rí bákan náà lójú ìwé 90. «Ata» kò ní àmì, kò sí ohun tó máa bà á jẹ́.

Kí oníbàárà má fi fáìlì náà ṣí Excel tààrà mọ́. Kó ṣí Excel òfìfo, kó lọ sí Data, kó tẹ From Text/CSV, níbi tí wọ́n kọ File Origin sí, kó mú `65001: Unicode (UTF-8)`. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i bí tirẹ̀ kó bàjẹ́, ẹ ya àwòrán. Ẹ wá ṣí i bó ṣe yẹ, ẹ ya ìlà kan náà. Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá nínú àwọn adájọ́ ìkànnì á fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Húsítìn:
Kí ló dé tí wọn ò kàn tún fáìlì náà ṣe, kí wọ́n yọ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i?

Tíṣà Tòróńtò:
Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́! Bí ẹ bá yọ ọ́, oníbàárà á ní ẹ̀yìn ìgbà tí òun ráhùn lẹ tó ṣe iṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn kún un, ẹ pè é ní ẹ̀dà fún Excel, kí ti ọjọ́ Àìkú dúró síbi tó wà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Húsítìn:
Ó yé mi. Èyí tó gba owó lọ́wọ́ èmi, aago ni. Àwọn àwòrán tí mo yà ń fi aago Húsítìn hàn, oníbàárà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín wa. Mo ní mo jíṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lọ́dọ̀ tiẹ̀ ó ti di aago mẹ́ta ìdájí Sátidé, ó ní mo pẹ́. Nígbà tí mo fi ṣàlàyé tán, adájọ́ ti sú. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo aago tí ẹ bá dárúkọ.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Ẹ ṣé gan-an. Ohun kan ṣì kù tí mi ò sọ. Ó ní ẹ̀sùn kejì: pé mi ò fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì táwọn ìyá yẹn ń dà pọ̀. Àdéhùn ní «gbogbo ọ̀rọ̀». Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́ọ̀tsáàpù pé kí n fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àǹtí Dọ́bílìn:
Wọ́ọ̀tsáàpù! Ìyá Ìbejì, ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ má mẹ́nu kàn án o. Ìkànnì á ti àkáǹtì yín pa pé ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ níta. Wọ́n ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi.

Tíṣà Tòróńtò:
Àǹtí, ó ní ìgbà. Ní Upwork, ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀ níta kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò léèwọ̀, bí ẹ kò bá ṣáà ti gba owó níta. Ìyá Ìbejì, ìgbà wo lẹ bọ́ sí Wọ́ọ̀tsáàpù?

Àǹtí Dọ́bílìn:
Léèwọ̀ tàbí kò léèwọ̀, wọn ò ní kà á sí. Ohun tó wà nínú àpótí ìkànnì nìkan ni wọ́n máa ń wò. Kí ló dé tí wọn ò fi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo padà sínú ìkànnì lọ́jọ́ yẹn pé, «gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lónìí, mo fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀»? Gbólóhùn yẹn nìkan ì bá ti tó.

Tíṣà Tòróńtò:
Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, èmi á fi sí i. Nínú Wọ́ọ̀tsáàpù, Export chat wà, á kó ọ̀rọ̀ àti ohùn jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kí wọ́n kọ ohun tí ọkùnrin náà sọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ohùn.

Àǹtí Dọ́bílìn:
Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò rí àkáǹtì yẹn gbà padà dòní.

Tíṣà Tòróńtò:
Lẹ́tà yín, ojú ìwé kan ni kó jẹ́. Ohun tí àdéhùn béèrè, ọjọ́ tí ẹ jíṣẹ́, ohun tó ráhùn lé, àwòrán méjèèjì, iye tí ẹ ń béèrè: 480, gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ «olè» kúrò, ẹ yọ «oorun mi» kúrò, ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má sì halẹ̀ pé ẹ máa kọ èsì burúkú nípa rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Alàgbà Pẹ́kàmù:
Ọmọ mi, wákàtí mẹ́fà ohùn Bódìjà, ṣé kò ba ọ nínú jẹ́?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Bàbá, mo sunkún. Ní wákàtí kẹta, ìyá kan ń ṣàlàyé èrè, ẹnì kan wá ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi kóńgò bù ú, tó wá fi ọwọ́ bu ẹ̀ní lé e lórí. Mo dá a padà sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún, kì í ṣe pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Húsítìn:
Ẹ̀ní! Ó tó ọdún mẹ́jọ tẹ́nikẹ́ni ti fún mi ní ẹ̀ní kẹ́yìn. Ẹ wá sí Húsítìn níbí, ó kéré tán ẹ máa rí àmàlà gidi jẹ.

Alàgbà Pẹ́kàmù:
Àmàlà wo? Àmàlà tí ẹ fi ẹ̀rọ po? Pẹ́kàmù ni ilé àmàlà, orógùn igi la fi ń rò ó.

Àǹtí Dọ́bílìn:
Bàbá, ẹ̀yin Pẹ́kàmù ń ta gbẹ̀gìrì bí ẹni ń ta wúrà. Ẹ jẹ́ kí Húsítìn sinmi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Húsítìn:
Ẹ bá mi sọ fún wọn! Gbẹ̀gìrì tiwa, ẹ̀wà ni, kì í ṣe omi.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà:
Mo ti ya àwòrán méjèèjì, ó yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Mo ti nu lẹ́tà olè yẹn rẹ́. Ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ la bọ́ sí Wọ́ọ̀tsáàpù. Kí n fi ohùn yẹn sí i, àbí kí n má fi sí i?

Alàgbà Pẹ́kàmù:
Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ la fi ń po àmàlà ní Pẹ́kàmù kó wá lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá sanwó.