Ọjà tó padà ló da kọmíṣọ̀n wa rú, ẹ wá sọ tiyín

Oníṣíìtì:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èmi ni mò ń bójú tó ṣíìtì tá a fi ń ṣírò kọmíṣọ̀n àwa márùn-ún tá a jọ ń tajà. Ìpele mẹ́ta ló wà ńbẹ̀, 500,000 àkọ́kọ́ téèyàn bá tà, 3%, 500,000 tó tẹ̀ lé e, 5%, ohun tó bá ti lé ní 1,000,000 di 8%. Títà wà ní B2:

```
=MIN(B2,500000)*0.03+MAX(0,MIN(B2,1000000)-500000)*0.05+MAX(0,B2-1000000)*0.08
```

Lóṣù kẹta, ọ̀kan nínú wa ta 1,200,000, ṣíìtì gbé 56,000 jáde, wọ́n san án. Oṣù kẹrin dé, oníbàárà kan kó ọjà 300,000 padà lára èyí tó rà lóṣù kẹta. Èmi sì ti ṣe é kó máa yọ ọjà tó bá padà kúrò nínú títà oṣù tó padà. Ọjà ò tà lóṣù kẹrin, 400,000 péré lẹni yẹn tà, torí náà 3% ni ṣíìtì fi yọ ọ́, 9,000. Òun ò ráhùn (ta ló máa ráhùn?), ọ̀gá ló pè mí pé, "300,000 yìí, ṣé 3% la san lórí ẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Jẹ́jẹ́ Ọlọ́jà:
Kí ló wá le ńbẹ̀? Ẹ fi 1,200,000 pín 56,000, ó máa fún yín ní bíi 4.67%, ẹ fi yọ 300,000 yẹn, 14,000 lẹ máa rí. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì bá wa jà.

Bàbá Àkáǹtì:
Wọn ò jà torí ẹni tó ń tajà ni èrè ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Ká ní oníbàárà yẹn ò rà á rárá ńkọ́? 900,000 lẹni yẹn ì bá tà, kọmíṣọ̀n ẹ̀ á jẹ́ 15,000 àti 20,000, ìyẹn 35,000. 56,000 la sì ti san, 21,000 ló yẹ kó padà. Láti òkè la ti ń yọ ọ́, 200,000 á kúrò níbi 8%, 100,000 tó kù á kúrò níbi 5%. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù tí wọ́n ta ọjà la máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọjà tó bá padà, oṣù yẹn la sì máa ń ṣírò ẹ̀ tuntun. Àmọ́ bí ìwé àdéhùn yín bá ti sọ pé àròpín ni, ẹ máa fi àròpín ṣe é lọ o.

Ojú Ti Rí:
Tèmi burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ta 1,010,000, wọ́n fún mi ní 8% lórí gbogbo ẹ̀, 80,800. Ọjà 20,000 péré padà, mo bọ́ sí 990,000, wọ́n ní 5% ni lórí gbogbo ẹ̀, 49,500! Ọjà 20,000 gba 31,300 lọ́wọ́ mi, kí ló dé tí fọ́múlà òkè yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Àkáǹtì:
Torí tiyín yàtọ̀ ni. Tiwọn, owó tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan nìkan ni ìdá ìpele náà kàn, tiyín, ìpele tẹ́ ẹ bá dé ló ń mú gbogbo títà látìbẹ̀rẹ̀. Ṣíìtì ò ṣì í o. Ẹni tó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ máa lọ bá.

Oníṣíìtì:
Ẹ ṣé Bàbá, mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí, ó sì jáde 21,000. Àmọ́ oṣù kárùn-ún lojú mi tó là, ọjà 100,000 míì tún padà lára ti oṣù kẹta yẹn kan náà. Títà di 800,000, kọmíṣọ̀n di 30,000, ló bá yọ 26,000! Mi ò tètè rí i pé 56,000 àtijọ́ ló ṣì ń fi wé, tá a sì ti gba 21,000 nínú ẹ̀. 5,000 ló yẹ kó yọ. Mo ti fi kọ́láàmù kan sí i báyìí tó ń kọ iye tá a ti gbà tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ń yọ.

Bónọ́ọ̀sì tíìmù ló wá kù. Àwa márààrún ta 5,050,000 lóṣù kẹta, tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 5,000,000, wọ́n pín 20,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú 300,000 àti 100,000 tó padà yẹn, 4,650,000 la tà.

Jẹ́jẹ́ Ọlọ́jà:
Háà, kẹ́ ẹ wá gba 20,000 lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin tí oníbàárà wọn ò dá nǹkan kan padà? Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

Bàbá Àkáǹtì:
A kì í san tiwa títí ọjọ́ tí oníbàárà lè dá ọjà padà á fi kọjá. Tiyín tẹ́ ẹ ti san yìí le díẹ̀ o.

Ojú Ti Rí:
Ká máa dúró títí ọjọ́ yẹn á fi kọjá lórí bónọ́ọ̀sì? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi rí eléyìí o.