Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sórí ewédú, ewédú ò hù dáadáa mọ́

Ìyá Ewédú, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni a máa ń se kọfí fún àwọn àlejò, a ó sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù. Ó ń dùn mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e relé. Ẹnìkan ní ajílẹ̀ gidi ni, pé kí n kàn máa dà á sórí ebè.

Ebè méjì ni mo gbin ewédú sí lọ́jọ́ kan náà. Mo da kọfí bo ọ̀kan, ó nípọn tó ìka ọwọ́ kan, mo fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Èyí tí n kò fọwọ́ kàn ti ga kọjá kókósẹ̀, ewé rẹ̀ ń dán. Èyí tí mo ṣe lóore, ìdajì ò hù, èyí tó hù sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ń bá jà.

Mo tún bu díẹ̀ sínú fìríìjì nítorí òórùn ẹja. Lọ́jọ́ kẹta ó ti hu irun funfun lórí. Ṣé kọfí yìí ló burú ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

Bọ̀dá Onímọ́tò, Ṣàgámù
Ẹ jọ̀ọ́, kọfí wo ló ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Èyí tí èmi ń mu, mo bu ú sínú omi gbígbóná báyìí, ó ti yòrò tán. Àbí kọfí tí ẹnikẹ́ni ò tíì mu lẹ ń dà sórí ewédú? Owó yín pọ̀ o!

Ìyá Ewédú
Rárá, sà. Kọfí oníkóró ni. Wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá da omi gbígbóná gba inú asẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí eèrí ṣe ń kù nígbà tí a bá sẹ́ ògì, èyí tó kù nínú asẹ́ yẹn ni mò ń wí.

Ọmọ Alájílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ìyá mi, mo mọ ohun tó ṣe é. Kọfí kan, ilẹ̀ wa níhìn-ín náà sì ti kan tẹ́lẹ̀. Ẹ kó eérú ààrò, ẹ pò ó mọ́ kọfí yẹn, ẹ dà á padà síbẹ̀. Eérú á pa kíkan rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Àgbẹ̀ Àtijọ́, Ìlíṣàn
Àbúrò, òótọ́ ni pé eérú ń pa ilẹ̀ tó bá kan, ṣùgbọ́n kíkan kọ́ ló pa ewédú yìí. Ohun tó kan nínú kọfí, omi ti fà á lọ sínú ife àwọn àlejò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ kan mọ́. Ẹ má sì po eérú mọ́ ọn nígbà tó bá tutù. Òórùn kan lè máa ta yín nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́: oúnjẹ ewé tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn.

Ìyá Ewédú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sídìí ebè yẹn nísinsìnyí. Ẹ bu omi díẹ̀ lé e, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀bẹ la kọfí yẹn, kí ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹ padà wá sọ fún wa.

Ìyá Ewédú
Mo ti lọ. Omi náà dúró lórí rẹ̀ rógódó bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí ewé kókò, ó wá yí gba ẹ̀gbẹ́ ebè lọ. Kọfí yẹn ti dì bí èèpá. Mo là á, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, bẹ́ẹ̀ òjò rọ̀ láàárọ̀ àná!

Àgbẹ̀ Àtijọ́
Ẹ ti rí ọ̀kan. Kọfí kúnná púpọ̀. Bó bá nípọn tó sì gbẹ, kì í jẹ́ kí omi kọjá mọ́. Èkejì ni pípọ́n tí ewé ń pọ́n. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tó ń jẹ nǹkan rà nílò náítírójìn, oúnjẹ ewé tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Náítírójìn wà nínú kọfí lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì wà ní títì síbẹ̀. Kí wọ́n tó tú u, ti inú ilẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kó jẹ, ewédú yín á wá pebi. Ẹ̀kẹta, kafíìnì ṣì kù nínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú obì tí wọ́n ń rù ní Ṣàgámù. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ò fẹ́ ẹ rárá.

Nítorí náà, ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ tún ibi tí kò hù gbìn. Kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ kí kọfí jẹrà. Bí ẹ bá da rọ́bà kọfí kan, ẹ da rọ́bà ewé gbígbẹ mẹ́ta, àti ọ̀kan nǹkan tútù bí èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Kí kọfí má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Asẹ́ bébà tí wọ́n fi sẹ́ ẹ, ẹ fà á ya mọ́ ọn. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ má tẹ́ ẹ lé ara wọn. Kí òkìtì náà ga tó ìbàdí yín, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní gbóná bó bá kéré. Ẹ fọwọ́ fún un: bó bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, omi rẹ̀ tó.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ tí ọwọ́ yín ò lè gbà á, ó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń ta yín nímú, kọfí pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ló pọ̀ jù. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó lò ó, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá sínú rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀, mẹ́wàá sínú ilẹ̀ nìkan. Bí ti àkọ́kọ́ bá hù bí ìkejì, ajílẹ̀ yín ti ṣe tán.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́
Ti fìríìjì yẹn, tútù lẹ bù ú síbẹ̀. Èmi máa ń sá a sórí tíréè, ó máa ń pẹlẹbẹ, tí oòrùn bá mú, ọjọ́ kan sí méjì ni. Bí òjò ò bá jẹ́, mo máa ń rò ó nínú agbada lórí iná jẹ́jẹ́ títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ife kékeré kan tí a kò dé ló tó, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, fìríìjì á máa sun omi, kọfí á tún tutù, ẹ tètè kó o jáde. Èyí tó ti hu irun, ẹ má gbóòórùn rẹ̀ o, inú òkìtì ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Ẹja tó ti bàjẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Kọfí ò lè ṣe é nǹkan kan, ẹ kó o kúrò kí ẹ fọ fìríìjì. Ẹ má sì da kọfí sínú síǹkì. Èmi ti fi owó púlọ́mbà kọ́ ìyẹn.

Bọ̀dá Onímọ́tò
Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ajá ẹ̀gbọ́n mi kó irú nǹkan yìí jẹ lójúdé. Ó bì, ó ń gbọ̀n, kò jókòó sójú kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà ẹranko ní bí a bá pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ á di nǹkan míì. Ẹ wá nǹkan bo òkìtì yẹn tí ẹ bá ń sin ajá.

Ọmọ Alájílẹ̀
Mo gbà, bàbá. Ṣùgbọ́n ìgbín kì í jẹ ewédú ìyá tó bí mi láti ìgbà tó ti ń da kọfí yí i ká.

Àgbẹ̀ Àtijọ́
Omi kafíìnì tó le ń lé ìgbín lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ti se tán, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Èmi dà á yí ẹ̀fọ́ ká lẹ́ẹ̀kan, ìgbín gun orí rẹ̀ kọjá.

Ọmọ Alájílẹ̀
Tiwa gbẹ ni, sà. Bóyá tiyín tutù.

Ìyá Ewédú
Mo ti ha á tán, ó kún rọ́bà kan ààbọ̀. Ewé máńgòrò ni mo ní jù nílé yìí. Ṣé ó lè jẹrà, àbí ó le jù?