Aago mẹ́wàá ti Èkó ni àbí ti Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣe akọ̀wé fún dáírẹ́kítọ̀ kan, èmi ni mò ń bá wọn ṣètò ìpàdé. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo kọ ímeèlì sí alábàáṣiṣẹ́ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí àwọn méjèèjì pàdé lórí fídíò ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹwàá 2025. Wọ́n ní ó dáa.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọn ò rí ẹnì kankan. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, wọ́n fi ìbínú pa á, wọ́n gba Àpápá lọ. Aago mọ́kànlá ni òyìnbó wá wọlé! Ọ̀gá ní kí n tún un ṣètò. Orúkọ ta ni kí n fi kọ ọ́? Ṣé kí n tọrọ àforíjì?

Bọ̀dá Ṣómólú: Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, ṣáà máa yọ ọ́ nígbàkigbà. Kọ ọ́ bíi pé ọ̀gá fúnra wọn ló kọ ọ́, ìyẹn ló níyì.

Ìyá Ìbejì: Tiwa burú jùyẹn lọ. Àlejò wa dúró sí géètì nínú oòrùn, mi ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn síkiọ́rítì.

Àǹtí Akọ̀wé: Bọ̀dá, kì í ṣe nígbàkigbà. Láti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wa bára mu. Àwọn ló ń sún tiwọn, àwa kì í sún tiwa. 26 oṣù kẹwàá ni wọ́n dá a padà lọ́dún yìí, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpàdé yín wá bọ́ sí. Nígbà tó o kọ̀wé, kò sí ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi bi ọ́.

Orúkọ ara rẹ ni kó o fi kọ ọ́. Bí òyìnbó bá fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun àti ọ̀gá jọ sọ níkọ̀kọ̀, kí lo fẹ́ wí? Fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tó jọ èyí:

"Ọ̀gá mi ní kí n bá yín wá àkókò mìíràn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣé Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kọkànlá, yóò rọ̀ yín lọ́rùn, aago mọ́kànlá Èkó, mẹ́wàá Lọ́ńdọ̀nù? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìṣẹ́gun, 11, ní àkókò kan náà."

Di ọjọ́ méjèèjì mú sórí kàlẹ́ńdà ọ̀gá títí èsì á fi dé, kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Tí wọ́n bá ti mú ọ̀kan, tú ìkejì sílẹ̀, kó o wá fi ìwé ìpè ránṣẹ́ láti inú kàlẹ́ńdà. Aago tiwọn ni yóò hàn sí wọn níbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ṣé físà òyìnbó náà ti jáde ṣá?

Àǹtí Akọ̀wé: Orí fídíò ni, ọmọ ìyá mi.

Bọ̀dá Ṣómólú: Mo gbà fún yín lórí aago. Ṣùgbọ́n àforíjì ńkọ́? Èmi ò ní tọrọ rẹ̀, àwọn náà ò kọ ìlú.

Àǹtí Akọ̀wé: Ẹni tó pe ìpàdé ló yẹ kó kọ ìlú. Gbólóhùn kan ti tó.

Ẹni tó béèrè: Mo fi gbólóhùn kan sí i. Wọ́n ti mú Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá wá ń bi mí pé ta ló rán mi ní àforíjì.