Photopea ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá fẹ́ yọ ẹ̀yìn fọ́tò báàgì

Abẹ̀ní Oníbáàgì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi Photopea, tá a fi ń tún fọ́tò ṣe nínú Chrome, yọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn báàgì nínú fọ́tò, kí n fi funfun sí i. Mẹ́mọ́rì láptọ́ọ̀pù mi ò ju gígábáìtì 2 lọ. Fọ́tò yẹn ò ju mẹ́gábáìtì 3, síbẹ̀ tí mo bá ṣe díẹ̀, Chrome á kọ "Aw, Snap!". Dátà mi náà ò tó nǹkan.

Káyọ̀dé: Sáfà Photopea lẹ ń gbé fọ́tò lọ, òun ló ń jẹ dátà yín. Ẹ dín in kù, ẹ sì ti àwọn táàbù yòókù.

Bàbá Onífọ́tò: Ẹ ti táàbù lóòótọ́, ẹ sì dín in kù, ṣùgbọ́n fọ́tò ò lọ síbì kankan. Inú ẹ̀rọ yín ni Photopea ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ṣí tán, ẹ lè pa dátà, kẹ́ ẹ ṣáà má tún ojú ìwé ṣí.

Abẹ̀ní, mẹ́gábáìtì 3 yẹn, fọ́tò tí wọ́n ká pọ̀ ni. Tó bá tú ká, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4. Fọ́tò 4000 × 3000 á gba mẹ́gábáìtì 48 fún lẹ́yà kan ṣoṣo. Ẹ lọ sí Image > Image Size, ẹ fi Width sí 1600. Lẹ́yà á wá sílẹ̀ sí bíi mẹ́gábáìtì 8. Àmọ́ History, tó ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ ti ṣe, ṣì di èyí tó tóbi mú, nítorí náà ẹ fi File > Export as > JPG gbé èyí tó kéré jáde, ẹ ti àkọ́kọ́ pa, kẹ́ ẹ wá ṣí tuntun.

Ẹ fi Polygonal Lasso Select tẹ̀ lé etí báàgì, kí títẹ̀ yín súnmọ́ra níbi tó bá ti yípo. Ẹ di Alt mú, kẹ́ ẹ yí ihò inú ọwọ́ báàgì ká, kó má bàa di pé ògiri ṣì ń yọjú níbẹ̀. Select > Modify > Feather, píksẹ́lì 1, kí etí má rí págunpàgun. Ẹ wá tẹ Add Raster Mask nísàlẹ̀ Layers. Ẹ má fi Eraser pa á rẹ́, torí ohun tí másíìkì bò ṣì ṣeé mú padà. Lẹ́yà funfun ló máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa fi File > Save as PSD tọ́jú iṣẹ́ yín lóòrèkóòrè.

Mọ́jí: Bánà ẹsẹ̀ bàtà 8 lèmi ń ṣe, ṣé 1600 á tó?

Bàbá Onífọ́tò: Rárá o. Íǹṣì 96 nìyẹn, píksẹ́lì bíi 17 ló máa bọ́ sínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹ̀rọ tó lágbára.

Abẹ̀ní Oníbáàgì: Ó ti jáde, kò kú rárá! Ṣùgbọ́n báàgì dà bí èyí tó so rọ̀ sójú òfuurufú.

Káyọ̀dé: Òjìji ló ń wá. Ẹ ṣí lẹ́yà tuntun sáàárín funfun àti báàgì, kẹ́ ẹ fi Brush dúdú tí etí rẹ̀ rọ̀ kùn ún lábẹ́ báàgì, Opacity 20%.

Bàbá Onífọ́tò: Èmi ò ní fi sí i ní tèmi. Àwọn ọjà kan ò gba òjìji. Ẹ ka òfin ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tà á ná.