Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: orin géèmù tí mo ń ṣe kò dún bí ti Famicom

Àjàní Onídùrù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe orin tó dún bí ti Famicom, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde ní 1983. Mo to ohùn mẹ́jọ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dún bí orin òde òní. Irinṣẹ́ wo ni kí n lò?

Bọ̀ọ̀dá Tóò: Ìyẹn ò le. Dín ohùn kù sí mẹ́rin, fi gbogbo ẹ̀ sí ìró onígun mẹ́rin, ó parí.

Màmá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, Famicom tí àbúrò mi mú wá láti Japan ń gbé àwòrán jáde, kò dún rárá. Ṣé ṣíìpù ohùn ẹ̀ ló kú?

Alágbẹ̀dẹ Ìró: Bọ̀ọ̀dá Tóò, ó kù díẹ̀. Ohùn márùn-ún ló wà nínú ṣíìpù 2A03: méjì onígun mẹ́rin, ọ̀kan onígun mẹ́ta tó sábà máa ń gbé báàsì, ọ̀kan tí kò mọ̀ ju ariwo lọ, ọ̀kan tó ń lu ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Géèmù fúnra rẹ̀ tún ń yá nínú wọn: bí Mario bá fò, ohùn kan nínú orin á dákẹ́ títí ìró fífò náà fi tán.

Àjàní, gbé FamiTracker. Má fi ohùn mẹ́ta kọ d, m, s. Ọ̀kan ṣoṣo tó:

```
C-4 00 F 047
```

Ètò náà á kọ d, á gòkè ní bọ́tìnnì dùrù mẹ́rin (ka funfun, ka dúdú), á tún dé ìkeje, á padà sí d. Ó ń yí nóòtì ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ò sì rójú yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí wàá gbọ́ ni ìró kan tó ń gbọ̀n rìrì. Ìgbọ̀n yẹn ló ń wọ́n ọ.

Màmá Ìbejì, ẹ má tíì da ṣíìpù lẹ́bi. Bí ẹ bá so ó mọ́ ihò áńtẹ́nà, ibi tí ohùn ń gbà wọlé lórí tẹlifíṣàn Japan yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà.

Àjàní Onídùrù: Ó ń gbọ̀n o! Àmọ́ mo dín fólúùmù báàsì láti F sí 3, bó ṣe ń pariwo náà ló ṣì ń pariwo.

Alágbẹ̀dẹ Ìró: Onígun mẹ́ta ò ní fólúùmù. Yálà ó ń dún, tàbí ó dákẹ́. Gé e kúrú ni: kọ `S06` sí ẹ̀gbẹ́ nóòtì, á dákẹ́ lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣadé Kíbọ́ọ̀dù: Èmi ò fẹ́ràn 047 yẹn, bí aago ìdájí ló ṣe ń ṣe mí létí. Ohùn onígun mẹ́rin kejì ni mo fi ń kọ orin kan náà, ó pẹ́ díẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀, á dà bíi gbohùngbohùn inú gbọ̀ngàn.

Alágbẹ̀dẹ Ìró: Ó dáa, àmọ́ ta ni yóò wá kọ ìpele kejì orin náà?

Màmá Ìbejì: Ihò áńtẹ́nà ni mo so ó mọ́ lóòótọ́.