Haipo àti haipa ń da orí mi rú, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Fọlákẹ́, Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí n'Ìbàdàn. Haipoglaisímíà àti haipaglaisímíà jọra jù lójú mi, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn ò papọ̀ rárá. Wọ́n ní Gíríìkì àti Látìn ni gbòǹgbò irú ọ̀rọ̀ báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń fi gbòǹgbò yẹn mọ̀ wọ́n?

Tíṣà Bàyọ́, Bódìjà: Ọmọ mi, ìdí ọ̀rọ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. "Ímíà" wá láti ara "háímà", ẹ̀jẹ̀ nìyẹn lédè Gíríìkì. "Glais" tó wà láàárín ni "glukus", ohun tó dùn, ìyẹn ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni kó o tó wo iwájú: "haipo" ni ìsàlẹ̀, "haipa" ni òkè tàbí àpọ̀jù. Haipoglaisímíà wá di kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Bí ẹ̀rọ bá gbé 60 mg/dL jáde fún alátọ̀gbẹ, tó ń làágùn, tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, haipo nìyẹn. Nǹkan dídùn ló nílò kíákíá, bó bá ṣì lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n pé lábẹ́ 70 ló ti bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò ò lè sọ ìyẹn fún ẹ. Ìwé lo máa kà.

Ṣẹ́gun, Agbowó: Èyí tó rọrùn jù ni "an". Níbikíbi tó bá ti ṣíwájú, "kò sí" ni. Anímíà, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Tíṣà Bàyọ́: Ó kù díẹ̀, Ṣẹ́gun. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹni tó ní anímíà, himoglóbíìnì, èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri inú rẹ̀, ló kéré. Anátómì ńkọ́? "Ana" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "an", "tómì" sì ni gígé: kí wọ́n gé ara sí wẹ́wẹ́ láti wo inú rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Òjé: Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní mo ní haipatẹ́ńṣàn. Ọmọ mi ní àròjù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé kí n ṣáà má ronú mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Rárá, Mà. Tẹ́ńṣàn ibí yìí kì í ṣe ti ọkàn. Ọ̀rọ̀ Látìn fún kí nǹkan fà le ni. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ló pọ̀ jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ náà lè ní i. Ẹ má tìtorí pé ẹ ò ronú mọ́ dá oògùn dúró o.

Fọlákẹ́: Ẹ ṣé gan-an. A jẹ́ pé Gíríìkì ló wà lórí haipatẹ́ńṣàn, Látìn nídìí? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ta?

Tíṣà Bàyọ́: Wọ́n ti pò ó pọ̀, kò sì sí òfin kan tó dájú. Ibi tó ti ń ṣini lọ́nà ni "ped". Ti Gíríìkì jẹ́ ọmọdé, bíi dókítà pidiatríṣàn. Ti Látìn jẹ́ ẹsẹ̀, bíi pẹ́dà kẹ̀kẹ́. Gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ni kó o máa wò.